Ìdàgbàsókè 5% tàbí 10%: iye ìkẹyìn ilé iṣẹ́ gàrí kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Iye ìkẹyìn ni iye gbogbo owó tí ilé iṣẹ́ yóò mú wá lẹ́yìn àwọn ọdún tí a ti ṣírò. Ká ní a ti ṣírò ọdún 5 àkọ́kọ́, èrè ọdún kẹfà jẹ́ mílíọ̀nù 14 náírà, olówó sì ń béèrè èrè 20% lórí owó rẹ̀. Bí a bá yan ìdàgbàsókè 5% títí láé, tí mílíọ̀nù 3.5 sì lọ sórí ẹ̀rọ, 10.5 tó ṣẹ́kù, tí a pín sí 0.15, ìyẹn 20% tí a yọ 5% kúrò nínú rẹ̀, yóò fún wa ní mílíọ̀nù 70 ní ìparí ọdún karùn-ún.

Ẹni tó yan 10%, tí kò sì yí 10.5 padà, yóò rí 105. Àṣìṣe gbáà nìyẹn, nítorí ìdàgbàsókè ìlọ́po méjì ń gba owó ẹ̀rọ ìlọ́po méjì: mílíọ̀nù 7 ni yóò ṣẹ́kù, tí a bá sì pín in sí 0.10, 70 náà ni, níwọ̀n ìgbà tí owó tuntun tó lọ sórí ẹ̀rọ bá ń mú èrè 20% gẹ́lẹ́ wọlé. 5% ni mo fara mọ́, torí ilé iṣẹ́ kankan kò lè máa yára dàgbà ju ọrọ̀ ajé ìlú lọ títí láé.