Àkọlé alámì àbí aláìlámì: èwo ló yá rí?

"Àtúnṣe ọkọ̀" àti "Atunse oko", ìkejì yẹn ló bá ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹ̀ sórí fóònù mu, ṣùgbọ́n oko tí wọ́n ń ro á wá dà pọ̀ mọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń wà. Alámì lèmi fara mọ́ o, kẹ́ ẹ sáà tọ́jú ẹ̀dà tẹ́ ẹ ti yọ àmì ẹ̀ kúrò síbi táwọn òǹkàwé ò ní rí i, kí kọ̀ǹpútà máa fi ìyẹn wá a. Wàhálà tó kù ni ẹ́, kò ní kóòdù kan ṣoṣo: kíbọ́ọ̀dù kan á kọ U+1EB9 U+0301, òmíì á kọ U+00E9 U+0323, ojú wọn ò yàtọ̀ rárá, síbẹ̀ wọn ò ní bára mu àfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ sọ méjèèjì di NFC, ìyẹn ìlànà Unicode tó ń mú kí kóòdù wọn bára mu.