Oníná-ojú, oníná-ẹ̀yìn tàbí fulẹ́ẹ̀sì: èwo ni wọ́n máa rí kà láti òdìkejì títì lálẹ́?

Ẹni tó bá fẹ́ gbé orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sókè ní Lágere tàbí lápá Mayfair níbí ní Ilé-Ifẹ̀, ohun mẹ́ta làwọn oníṣẹ́ sáìnbọ́ọ̀dù sábà máa ń fi hàn án lórí fóònù. Àkọ́kọ́ ni fulẹ́ẹ̀sì tí wọ́n tẹ orúkọ sí, tí wọ́n wá gbé iná fulọ́ọ̀dì sí iwájú rẹ̀. Èkejì ni lẹ́tà oníná-ojú, ìyẹn lẹ́tà akírílíìkì tó yọ síta, tí ojú rẹ̀ gan-an ń tàn. Ẹ̀kẹta ni oníná-ẹ̀yìn: ojú lẹ́tà kì í tàn, ìmọ́lẹ̀ ló ń yọ lẹ́yìn rẹ̀ bọ́ sára ògiri. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dára lọ́sàn-án. Iye owó ńkọ́? Ẹ bi wọ́n fúnra yín, torí èyí tí wọ́n dá lónìí kọ́ ni wọ́n máa dá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù oògùn ni mo ní, ẹnu ọ̀nà wa sì máa ń ṣí sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú dáadáa. Mo ti lo oníná-ẹ̀yìn rí, oníná-ojú ló wà lókè báyìí, fulẹ́ẹ̀sì sì ni ti aládùúgbò mi, nítorí náà ojú mi ń rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká tètè parí ọ̀rọ̀ gíga. Ohun táwọn tó mọṣẹ́ ń tẹ̀ lé ni pé kí lẹ́tà ga tó ínǹṣì 1 fún ẹsẹ̀ bàtà 10 tó wà láàárín òun àti ẹni tó ń wò ó. Èèyàn ṣì lè rí i kà ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ á ní láti dúró tẹjú mọ́ ọn, ẹni tó sì wà lórí ọ̀kadà ò ní dúró. Tó bá jẹ́ pé láti ẹnu ọ̀nà yín dé etí títì lọ́hùn-ún, pẹ̀lú gọ́tà àti àárín títì, tó ẹsẹ̀ bàtà 80, ínǹṣì 8 ló kéré jù. Ínǹṣì 12 lèmi ní kí wọ́n ṣe.

Ibi tí owó ń bá lọ ni sísanra lẹ́tà. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún oníbàárà, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà tó dára fún oníná-ẹ̀yìn lè ba oníná-ojú jẹ́ pátápátá.

Ẹ wo èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún mi. Lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìlà rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì kan péré, ni wọ́n kàn mọ́ pátákó alukobọ́ọ̀dù dúdú tó ń dán gbinrin. Nígbà tílẹ̀ ṣú, dúdú yẹn di dígí. Dípò kí ìmọ́lẹ̀ tẹ́ yí lẹ́tà ká, gbogbo wóró iná LED tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń hàn nínú dígí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó-tó-tó. Ìlà lẹ́tà náà sì tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ọ̀tún àti tòsì jẹ ẹ́ tán. Láti òdìkejì títì, wóró iná lẹ ó rí, ẹ ò ní rí orúkọ. Oníṣẹ́ náà dé, ó wò ó, ó ní kí n bá aládùúgbò mi sọ̀rọ̀ kó pa iná fulọ́ọ̀dì rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan!

Oníná-ẹ̀yìn ń fẹ́ ògiri tí kò dán, tí àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ díẹ̀, bíi kíríìmù. Ó ń fẹ́ àyè bí ínǹṣì kan àbọ̀ láàárín òun àti ògiri kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè tẹ́. Ìlà lẹ́tà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ sanra, nítorí òjìji rẹ̀ lèèyàn ń kà. Fún lẹ́tà ínǹṣì 12, ìlà ínǹṣì méjì àbọ̀ sí mẹ́ta kò pọ̀ jù.

Oníná-ojú yí gbogbo ẹ̀ padà. Níbẹ̀, lẹ́tà ló ń tàn, ìmọ́lẹ̀ a sì máa ṣàn kọjá etí rẹ̀ lójú ẹni tó wà lókèèrè, nítorí náà ó ń sanra lálẹ́ ju bó ṣe rí lọ́sàn-án lọ. Ẹ mú E tó ga ní ínǹṣì 12. Bí ìlà rẹ̀ bá jẹ́ ínǹṣì 2, apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba 6, ó ku 6 fún àlàfo méjì, ìyẹn 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àlàfo ju ìlà lọ, ó máa hàn. Bí ìlà bá jẹ́ ínǹṣì 3, apá gba 9, àlàfo kọ̀ọ̀kan wá ku ínǹṣì kan àbọ̀. Ìmọ́lẹ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ á pàdé níbẹ̀, E á di odindi búrẹ́dì. Bákan náà ni àyè láàárín lẹ́tà sí lẹ́tà: kó fẹ̀ ju ìlà lọ díẹ̀, kódà bó bá dà bíi pé ó fọ́nká lọ́sàn-án. Ẹ má sì jẹ́ kí ìlà kéré ju ínǹṣì kan àbọ̀, torí wóró iná ò ní ríbi jókòó dáadáa. Tí inú lẹ́tà ò bá jìn tó bí ínǹṣì mẹ́ta, ojú akírílíìkì á máa ṣe tó-tó.

Nígbà tí iná ọba bá lọ tí gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn, tí tiyín sì wà lórí ínfátà, ìmọ́lẹ̀ yẹn á tún ṣàn sí i. Dímà kékeré kan láàárín páwà àti wóró iná ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ dín iná kù, orúkọ á yọ.

Fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ ní ẹ, ọ tàbí ṣ: àmì ìsàlẹ̀ sábà máa ń kéré ju ohun tí wóró iná lè wọ̀ lọ, nítorí náà lẹ́tà á tàn, àmì á sì ṣókùnkùn. Ẹ ní kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ tó ìlà lẹ́tà, kí wọ́n sì fi iná tirẹ̀ sí i.

Fulẹ́ẹ̀sì rọrùn jù lówó, a sì lè pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá. Ó ń dán, ìyẹn ni wàhálà rẹ̀: tí fulọ́ọ̀dì bá kọjú sí i gbọnrangandan, àárín á funfun, lẹ́tà ibẹ̀ á pòórá. Kí iná wá láti orí apá irin lókè, kó dagun. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ki iná sẹ́yìn fulẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ṣe fún iná iwájú, gbogbo àwọ̀ rẹ̀ á ṣá.

Àwọ̀: funfun lórí dúdú tàbí lórí pupa tó ṣú dára. Búlúù tó ń tàn máa ń ṣe bàìbàì lókèèrè lálẹ́.

Iná tí oníná-ojú ń jẹ: bí orúkọ bá ní lẹ́tà 11, wóró 8 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wáàtì kan fún wóró kan, ó jẹ́ wáàtì 88. Fulọ́ọ̀dì wáàtì 50 jẹ iná kéré sí i, mo gbà.

Gbogbo wọn ló ní ibi tí wọ́n wúlò sí. Ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù fún ọdún kan péré, kó lọ ṣe fulẹ́ẹ̀sì. Òtẹ́ẹ̀lì tó wọnú díẹ̀, tó ní ògiri kíríìmù, tí àlejò rẹ̀ sì ń rìn súnmọ́ ọn, oníná-ẹ̀yìn á bá a mu gan-an. Ẹni tó dojú kọ títì, tó ń ta ọjà lálẹ́, tó sì fẹ́ kí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ lọ́hùn-ún mọ ibi tó ń bọ̀, ó ti mọ èyí tó kù.

Kí ẹ tó san owó tó pọ̀, ẹ ní kí wọ́n ṣe E kan ṣoṣo wá, tàbí Ẹ bí orúkọ yín bá ní in. Kí wọ́n gbé e kọ́ sókè, kí wọ́n tan án ní aago mẹ́jọ alẹ́, kí ẹ sì kọjá sódìkejì. Bí apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yà sọ́tọ̀ kedere, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ. Bí kò bá yà, lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n máa tún ṣe.